Oṣù mẹ́rin tó ń bọ́ oṣù méjìlá: bí Àǹtí aránṣọ ṣe ń kó owó ìfẹ̀yìntì jọ

Abẹ́rẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2019, Àǹtí mi tí wọ́n ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ṣàkíyèsí pé tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n á na abẹ́rẹ́ síwájú, wọ́n á fà á sún mọ́ra, wọ́n á fi itọ́ lẹ orí òwú, kò ní wọlé. Ọmọ iṣẹ́ ló ń bá wọn tì í bọ̀ ọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n nígbà náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní, "Ojú ni mo fi ń jẹun. Tí ojú bá sọ pé ó tó, ta ni máa lọ bá?"

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò wa, èmi náà ni mo sì ń bá Àǹtí kọ ìwé owó wọn, torí pé orí ni wọ́n máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde láìfi ẹnu búra.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, Ààrẹ Buhari ṣí ètò tí gbogbo èèyàn ń pè ní máíkírò pẹ́ńṣọ̀n. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ló ti fàyè gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, àti ẹni tó wà níbi tí òṣìṣẹ́ ò tó mẹ́ta, pé kí ó lè ṣí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba. PenCom, àjọ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì lórílẹ̀-èdè yìí, wá ṣe ìlànà tirẹ̀ fún wa. Kò sí ọ̀gá tó ń bá ọ dá owó sí i, kò sì sí iye kan pàtó tí wọ́n ní o gbọ́dọ̀ san. Ohun tó o bá rí ni wàá san.

Ibi tí gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pín owó náà. Náírà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, kọ́bọ̀ 40 bọ́ sí apá tí ọwọ́ rẹ lè kàn, kọ́bọ̀ 60 bọ́ sí apá tí wọ́n tì pa títí wàá fi pé ọmọ àádọ́ta ọdún, àyàfi tí àìlera bá mú ọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú. Apá àkọ́kọ́ yẹn, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta tó o ti kọ́kọ́ san owó, o lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kan, o sì lè gba gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú èrè tó bá ti mú wá. Apá kejì, bó o bá sunkún ẹ̀jẹ̀, wọn ò ní fún ọ. Lọ́dún 2025, PenCom sọ ètò náà ní orúkọ mìíràn, ó sì tún un gbé jáde, àmọ́ ìlànà ti tẹ́lẹ̀ yìí ni Àǹtí bá wọlé, òun ni mo sì ń sọ.

Ọmọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ kan tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní oṣù kẹsàn-án. Ó wọ táì, ó ń làágùn. Ó bi wọ́n ní iye tí wọ́n lè máa san lóṣooṣù. Àǹtí ronú díẹ̀, wọ́n ní ₦5,000. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ya fọ́tò wọn, ó ní kí wọ́n tẹ ìka. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà wọn dé sórí fóònù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Gbogbo ohun tí ọmọkùnrin náà sọ nípa gbígbà owó jáde kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mọ́mì, ẹ lè gba owó yín nígbàkigbà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta." Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Wọ́n san ₦5,000 ní oṣù kẹsàn-án, ìkẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, kò sí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìránṣọ mọ̀ pé oṣù kìíní kì í ṣe oṣù, ọjọ́ lásán ló ń kà. Gbogbo ènìyàn ti náwó Kérésì tán, owó ilé ìwé ti délẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá aṣọ. Ní oṣù kejì, wọ́n ní àwọn á san méjì pọ̀ ní oṣù kẹta. Oṣù kẹta ni Kòrónà dé. Òde ò sí mọ́, aṣọ ẹbí ò sí mọ́, ìró àti bùbá mẹ́rìnlá tí wọ́n ti gé fún ìnáwó kan wà lórí tábìlì títí eruku fi bò ó.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ gba ₦20,000 àwọn. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ₦8,000 ló ṣe é gbà, pé ₦12,000 tó kù di ẹ̀yìn àádọ́ta ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni ₦8,000 náà ò tètè jáde. Orúkọ bàbá wọn ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, nítorí òun ló wà lórí káàdì ìdìbò tí wọ́n mú jáde lọ́jọ́ náà. Orúkọ ọkọ wọn ló wà ní báńkì. Owó kì í sì í bọ́ sí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ kò bá bára mu. Ìwé ìbúra láti kóòtù, ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà, ìpè, ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Fún ₦8,000! Kì bá ti ná ọmọkùnrin náà ní kọ́bọ̀ márùn-ún láti béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Mọ́mì, orúkọ wo ló wà ní báńkì yín?" Àǹtí ní gbajúẹ̀ ni gbogbo wọn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, wọ́n ní kí n má bá àwọn sọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n mọ́.

Ó tó ọdún kan àbọ̀ kí n tó tún dá a sílẹ̀, ìwé owó ló sì fún mi lẹ́nu. Mo ti ń kọ ohun tó ń wọlé fún Àǹtí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo ń kọ kì í ṣe gbogbo owó tí oníbàárà bá kó wá o. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í yà. Oníbàárà tó bá fún ọ ní ₦4,000 lọ́wọ́ lónìí, owó láínìn, síìpù, òwú àti gọ́ọ̀mù ló fún ọ. Tó o bá fi sínú owó ìfẹ̀yìntì, aṣọ onítọ̀hún ni wàá fi ìfẹ̀yìntì rẹ rán. Owó iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni èyí tó kù tí wọ́n bá wá gbé aṣọ tí wọ́n san àṣekù, tó o sì ti yọ epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ kúrò. Ìyẹn ni mo ń kọ.

Ọdún 2022 ni mo kọ́kọ́ kọ pé. Oṣù kìíní, ₦22,000. Ìkejì, ₦30,000. Ìkẹta, ₦38,000. Oṣù kẹrin tí ìtúnu ààwẹ̀ ń bọ̀, ó fò sí ₦85,000. Oṣù karùn-ún, ₦40,000. Ìkẹfà, tí gbogbo ayé ń múra Iléyá, ₦90,000. Ìkeje, ₦55,000. Ìkẹjọ, ₦34,000. Ìkẹsàn-án, ₦28,000. Ìkẹwàá, ₦46,000. Ìkọkànlá, ₦96,000, oṣù Kérésì sì gbé ₦156,000 wá. Ẹ ròó pọ̀, ₦720,000 ni. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá, ₦60,000 lóṣù.

Ẹ wo àwọn oṣù náà dáadáa. Kò sí oṣù kankan tó jẹ́ ₦60,000. Oṣù mẹ́jọ ò débẹ̀, oṣù mẹ́rin kọjá rẹ̀ dáadáa, àwọn oṣù mẹ́rin yìí nìkan sì mú ₦427,000 wá, èyí tó ju ìdajì owó ọdún lọ. ₦5,000 lóṣù, tó bá jẹ́ oṣù kìíní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin owó wọn. Tó bá jẹ́ oṣù Kérésì, owó ìpápánu ni. Ìdí tí ètò àkọ́kọ́ fi ṣubú nìyẹn, Kòrónà kàn tì í ni. Kì í ṣe pé Àǹtí ò ní ìfaradà. Iye kan náà lóṣooṣù jẹ́ aṣọ tí wọ́n gé fún ẹni tó ń gba owó oṣù, wọ́n wá fi wọ aránṣọ lọ́rùn.

Ohun tí mo ti kọ sínú ìwé ṣáájú ti ń fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí náà, nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022 yẹn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbàgbé oṣù. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá nínú náírà kọ̀ọ̀kan ni, nígbàkigbà tí oníbàárà bá gbé aṣọ lọ. Tí kò bá sẹ́ni tó gbé aṣọ, kò sí gbèsè lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Bí ìdámẹ́wàá ṣọ́ọ̀ṣì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àyàfi pé àwọn fúnra wọn ni wòlíì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

A kì í fi ránṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Owó tí báńkì ń yọ tó o bá fi owó tí kò tó ₦5,000 ránṣẹ́ jẹ́ ₦10. Bó o bá ń fi ₦300 ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ọmọ owó yẹn á jẹ ìyá rẹ̀. Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ibẹ̀ ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá ń lọ. Tó bá tó nǹkan bí ₦3,000, wọ́n á fún mi lọ́wọ́ Sátidé, èmi á fi fóònù ránṣẹ́ níwájú wọn. Alájọ wọn ò sì bínú, nítorí a ò fi ti pẹ́ńṣọ̀n dípò àjọ. Alájọ ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀, ó sì ń kó ìyókù padà fún ọ lópin oṣù. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ ta ló ti gba àjọ lópin oṣù tó tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?

Àṣìṣe tí a ṣe ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Mo fi ₦6,000 ránṣẹ́, mo fo nọ́ńbà kan nínú nọ́ńbà PEN wọn. Owó náà kúrò ní báńkì, kò sì dé ibì kankan. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó forúkọ rẹ sílẹ̀ ló ń gba owó náà sọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni òfin ní kó máa di owó mú, kí ẹni tó ń pinnu ibi tí wọ́n á fi owó dókòwò sí má baà lè na ọwọ́ sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé tí nọ́ńbà kò bá pé, owó á dúró sínú àpò kan tí kò lórúkọ, títí ẹnì kan á fi wá a. Oṣù méjì ni. Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ ni pé kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan lórí fóònù Àǹtí. Láti ìgbà náà, èmi kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mo bá fi owó ránṣẹ́ láì ya fọ́tò rísíìtì, tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò bá sì dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ti ń pè wọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́tamẹ́ta, ìwé àkáǹtì á dé, mo sì ń fi ìwé tèmi yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwa aránṣọ mọ̀ pé a kì í gé aṣọ láì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa dá àbá pé kí akọ̀wé máa gba owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kó sì máa bá wọn san án pọ̀. Mo kọ̀. Owó tó bá gba ọwọ́ mi kọjá, lọ́jọ́ kan, ìyá mi á ṣàìsàn.

Nígbà tí ọdún 2022 parí, ₦72,000 ló ti wọlé, ₦43,200 bọ́ sí apá tí wọ́n tì, ₦28,800 bọ́ sí apá tí ọwọ́ lè kàn. Apá tí ọwọ́ lè kàn yìí gan-an ló mú Àǹtí dúró. Ní oṣù kẹsàn-án, tí ìwé owó fi hàn pé ₦28,000 péré ló wọlé, owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn wọn dé. Wọ́n fẹ́ gba ₦20,000. Ohun tó wà níbẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦15,700, wọ́n gba ₦15,000. Nítorí a ti tún orúkọ ṣe, ó dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ gbajúẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Èmi ò rò pé ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé ségesège lè dúró nínú ètò kan tí kò ní ilẹ̀kùn kékeré bí èyí, bó ti wù kí ìmọ̀ràn tó dáa pọ̀ tó.

Ilẹ̀kùn kékeré náà ní àléébù. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó tí náírà bébà ò sí ní gbogbo ìlú, máṣíìnì wíìfù Àǹtí bàjẹ́. Wọ́n béèrè ₦12,000 nínú apá tí ọwọ́ lè kàn, ó bọ́ sí báńkì. Ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe ní owó lọ́wọ́ ni òun ń gbà, torí pé ẹni tó ń ta páàtì fún òun ò gba tíránsífà. Owó wà lójú fóònù, a ń wò ó bí ẹni ń wo ẹran nínú fíríìjì ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, Àǹtí ní kí n jẹ́ kí àwọn máa fi ₦5,000 sílẹ̀ nínú agolo nígbà gbogbo. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò. ₦43,200 lọ́dún kan, ẹ sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá, ₦432,000 ni, ká tó ka èrè. Tí Àǹtí bá fẹ́ fi ìyẹn jẹun fún ọdún márùndínlógún, ₦2,400 ló máa jẹ́ lóṣù. Mo ṣe ìṣirò náà níwájú wọn, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Nítorí ₦2,400 lo ṣe ń kó mi lówó láti ìgbà yìí?"

Ìdáhùn tí mo ní ni àwọn oṣù mẹ́rin yẹn. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá kì í dunni ní oṣù kìíní, àmọ́ ní oṣù Kérésì, kò tilẹ̀ tó nǹkan. A yí i padà láti ọdún 2023: kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní oṣù mẹ́jọ gbígbẹ, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní oṣù kẹrin, ìkẹfà, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí owó ọdún 2022 kan náà, ₦136,050 ni ì bá wọlé dípò ₦72,000, oúnjẹ oṣù gbígbẹ kankan kò sì ní dín kù. Owó fírídọ́ọ̀mù ọmọ iṣẹ́ náà bọ́ sábẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni ń fi se ọbẹ̀. Ọ̀kan gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dún 2023, ó san ₦80,000, ₦20,000 sì bọ́ sínú agolo.

Ọdún 2023 mú ₦196,000 wọlé, ọdún 2024 mú ₦256,000. Kì í ṣe pé Àǹtí ń rán aṣọ púpọ̀ sí i. Owó iṣẹ́ ló gòkè. Gáùn kan tí wọ́n ń rán ní ₦3,500 lọ́dún 2019, ₦9,000 ni lọ́dún 2024, bí epo àti oúnjẹ ṣe ń wọ́n ni owó iṣẹ́ ń tẹ̀ lé e. Kọ́bọ̀ nínú náírà ń gòkè fúnra rẹ̀ bí owó iṣẹ́ bá gòkè. Ká ní ₦5,000 lóṣù la dúró lé, ₦5,000 ọdún 2019 náà là bá ṣì máa san, láì rántí pé kò tún ra ohun tó ń rà mọ́.

Ohun tí ìlànà wa ò lè ṣe ni kó gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́n gógó. ₦12,000 ọdún 2019 yẹn ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ọdún 2024 parí, ó ti di nǹkan bí ₦18,700 lórí ìwé. Ẹni tó bá wò ó lójú báyìí á ní ó bí ọmọ. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀ jẹ́ ₦30,000 lọ́dún 2019, ó sì jẹ́ ₦70,000 lọ́dún 2024. Kí ₦12,000 náà tó lè dúró síbi tó wà, ó yẹ kó ti di ₦28,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti yọ́ dànù, láìsí olè kankan níbẹ̀. Ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ owó yìí rà, èrè rẹ̀ kò sì lè bá ọ̀wọ́n gógó tó kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2024 sáré.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìwé àkáǹtì fi nǹkan bí ₦371,000 hàn ní apá tí wọ́n tì. Ìlànà ni pé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n sì máa gba ìyókù díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ra ètò owó ọjọ́ ayé lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Àmọ́ bí ohun tí wọ́n máa máa gbà lóṣù kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù tó kéré jù, èyí tí í ṣe ₦23,333 lọ́dún 2025, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kó fún wọn. Àǹtí á pé àádọ́ta lọ́dún 2028. Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ fún wọn pátápátá. Mo sọ ọ́ fún wọn kedere pé owó oṣù kọ́ nìyẹn, àti pé tí wọ́n bá gbà á lọ́dún náà, yóò bá máṣíìnì tuntun tàbí ìnáwó ọmọ lọ. Wọ́n ti pinnu pé àwọn ò ní gbà á kí àwọn tó pé ọgọ́ta ọdún. Bóyá wọ́n á dúró ti ọ̀rọ̀ wọn, ojú wọn ló máa sọ.

A tún jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jogún. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin sílẹ̀ lọ́dún 2019, wọ́n rò pé òun á kàn wọlé lọ gba owó náà fún àwọn ọmọ. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe ìwé ìhágún, lẹ́tà láti kóòtù ni mọ̀lẹ́bí máa lọ gbà kí owó tó jáde, lẹ́tà náà sì ń ná ni lówó àti àkókò. A ti ṣe ìwé ìhágún kan, ojú ìwé kan péré, lọ́ọ́yà àdúgbò ló bá wa kọ ọ́.

Mo rò pé a ti tún ohun gbogbo tò nìyẹn, títí di oṣù kẹta ọdún 2025. Lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà, Àǹtí gbé agolo wá. Ìwé mi sọ pé oṣù kẹta, oṣù gbígbẹ, kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Mo ka ₦13,000. Mo yẹ ìwé wò: ₦130,000 ló wọlé lóṣù náà. Mo béèrè pé ṣé wọ́n rán aṣọ fún gómìnà ni. Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tó sọ ilé nù.

"Ọ̀la kọ́ ni ìtúnu?"

Òótọ́ ni. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ni ìtúnu bọ́ sí lọ́dún yẹn. Oṣù lójú ọ̀run ni Mùsùlùmí ń tẹ̀ lé, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún. Oṣù kẹrin tí mo kọ sílẹ̀ bí ẹni gbẹ́ ẹ sára òkúta ti ṣí nípò, èmi tí mò ń ké pé kí wọ́n má fi oṣù ṣe ìwọ̀n ni mo tún lọ fi oṣù ṣe ìwọ̀n.

Mo fa ìlà sórí àkọsílẹ̀ náà. A fi ọ̀sẹ̀ rọ́pò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ tí owó iṣẹ́ ọwọ́ kò bá kọjá ₦30,000, kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ tó bá kọjá rẹ̀, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ohun yòówù tí kàlẹ́ńdà bá wí. Àǹtí ka owó tó kù fún oṣù náà sórí tábìlì, wọ́n yọ ₦19,500 sí i láì jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ nọ́ńbà PEN lórí fóònù, wọ́n ń kà á fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ wọn sì ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò.